Ètò Àtúnṣe Iṣẹ́ Ọlọ́sẹ̀ Méjìlá fún Sítókípà, Ẹ̀ka Olúyọ̀lé, Ìbàdàn

Láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ka, sí sítókípà.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ètò yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, ọdún 2026, yóò sì parí lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún. Owó oṣù yín àti ìsinmi ọdọọdún yín wà bí wọ́n ṣe wà. Ìwé ìdádúró kọ́ nìyí. A kọ ọ́ nítorí pé a fẹ́ kí ẹ dúró sẹ́nu iṣẹ́ yín, kí ẹ sì mọ ohun tí a ń retí gan-an.

Ohun tí a rí

Nígbà tí a ka ẹrù ní òpin oṣù Kejì, nínú oríṣi ẹrù 240, 200 ni iye tó wà nílẹ̀ bá ti inú ìwé mu. Ẹ jẹ́ ká mú wàrà inú agolo: ìwé sọ pé kátọ́ọ̀nù 118, 97 la bá. A tọpasẹ̀ 21 tó kù. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti lọ sọ́dọ̀ oníbàárà kan ní Bódìjà láìsí ìwé ìkójáde. Mẹ́fà wà lẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun, ọjọ́ wọn ti kọjá. Ẹnikẹ́ni ò jalè, a ò sì fẹ̀sùn olè kàn yín.

Ní ìpàdé ọjọ́ 25 oṣù Kejì, ẹ sọ pé ọkọ̀ Èkó máa ń pẹ́ dé, pé àwọn atajà máa ń ṣí sítọ́ọ̀ fúnra wọn nígbà tí ẹ bá lọ jẹun, àti pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń dúró tí iná bá ti lọ. A wádìí, òótọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iléeṣẹ́ ló yẹ kó tún ìwọ̀nyẹn ṣe, ìdí nìyẹn tí ìrànlọ́wọ́ fi wà nínú ètò yìí.

Àfojúsùn

Èkíní ló wúwo jù: kí oríṣi ẹrù tó bá ìwé mu tó 212 nígbà tó bá di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, 223 lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹrin, 233 lọ́jọ́ 22 oṣù Karùn-ún. A ò béèrè 240, torí pé ẹrù a máa fọ́, àṣìṣe ìkà náà sì wà. Ẹni méjì ni yóò máa kà, a ò sì ní fi iye inú ìwé hàn wọ́n kí wọ́n tó kà tán. Ẹni tó bá ti mọ iye tí à ń wá, iye yẹn náà ni ojú rẹ̀ máa ń rí.

Èkejì: ẹrù tó bá dé kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí tó bá dé lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ ní títí di aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá la fẹ́.

Ẹ̀kẹta: ẹrù tí ọjọ́ rẹ̀ máa tètè pé ni kó wà níwájú.

Ìrànlọ́wọ́

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kọ́kọ́rọ́ méjì péré ló kù: ọ̀kan lọ́wọ́ yín, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ka. Atajà kankan kò gbọdọ̀ wọ sítọ́ọ̀ láìsí ìwé ìkójáde. Tí ẹ bá lọ jẹun láti aago 12 sí 1, akọ̀wé ìtajà ni yóò dúró fún yín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, akáńtáǹtì yóò jókòó tì yín fún wákàtí méjì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ó máa ka oríṣi 12 láràárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó fi ka 240 tán láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 20, tí òpin oṣù kò fi ní bá yín lójijì. Ínfátà yóò ti wà nílẹ̀ nígbà tó bá di ọjọ́ 13 oṣù Kẹta. Kó tó dé, a ò ní ka àfojúsùn kejì sí yín lọ́rùn.

Àyẹ̀wò

Ìpàdé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni lọ́jọọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin jẹ́ Ọjọ́ Ẹtì Rere, ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún sì jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́, nítorí náà Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ni ti ọ̀sẹ̀ méjèèjì. Àyẹ̀wò ńlá mẹ́ta ni: ọjọ́ 2 àti ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, àti ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún. Ẹ lè mú ẹlẹgbẹ́ yín kan tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wá. A ó kọ ohun tí a bá sọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ó sì gba ẹ̀dà tiyín. A ò ní fi àfojúsùn tuntun kún un láàárín ètò. Bí iléeṣẹ́ bá pẹ́ láti ṣe ohun tó ṣèlérí, tàbí bí ara yín kò bá yá, iye ọjọ́ yẹn la ó fi kún òpin ètò.

Àbájáde

Bí ẹ bá dé àfojúsùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ètò parí, ẹ ó gba ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀. Bí oríṣi ẹrù tó bá ìwé mu bá wà láàárín 223 sí 232, a ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kún un, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí kò bá tó 223, a ó kọ́kọ́ wo iṣẹ́ mìíràn tó bá yín mu ní ẹ̀ka yìí. Bí kò bá sí, a lè fòpin sí iṣẹ́ náà pẹ̀lú ìfitónilétí oṣù kan tàbí owó rẹ̀; iye tí Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà là sílẹ̀ nìyẹn fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin sì ti lo mẹ́fà.

Bí ìpinnu kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ̀wé sí olùdarí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Ẹni tí kò bá wọn ṣe àyẹ̀wò ni yóò tún un gbọ́.

Ìfọwọ́síwèé yín fi hàn pé ẹ ti kà á, pé a sì ti ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Kò túmọ̀ sí pé ẹ fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tí ẹ ò bá fara mọ́, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i.