Ìwé Ẹ̀bẹ̀ fún Ẹ̀yáwó Òwò Èlùbọ́

Ìsọ̀ Èlùbọ́,
Ọjà Bódìjà,
Ìbàdàn.
12 Oṣù Kìíní, 2026.

Sí Ọ̀gá Báǹkì,
Ẹ̀ka Bódìjà,
Ìbàdàn.

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọdún tuntun. Èmi ni Àbẹ̀kẹ́ Adéoyè, ẹlẹ́lùbọ́. Láti ọdún 2021 ni mo ti ń fowó pamọ́ sí ọ̀dọ̀ yín. Mò ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹ yá mi ní ₦500,000.

Àsìkò ọyẹ́ yìí ni gbodo máa ń gbẹ dáadáa ní Ṣakí, tí ó sì máa ń pọ̀. Bí òjò bá ti dé, kì í tètè gbẹ mọ́, owó rẹ̀ á sì gun òkè. Ọwọ́ alágbàtà ni mo ti ń rà á báyìí, ₦110,000 ni àpò kan, mo sì ń tà á ní ₦118,000. Kí ni ó kù níbẹ̀ lẹ́yìn owó ìsọ̀? Bí mo bá lọ kó o fúnra mi, àpò kan yóò jẹ́ ₦90,000, ọkọ̀ ₦8,000, owó ẹ̀rọ àti àpò òfìfo ₦2,000. Àpò márùn-ún ni owó tí mo ń tọrọ yóò rà. Mo máa ń ta àpò márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí náà èrè ₦90,000 ni yóò máa wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, owó òwò kò sì ní dín.

Òṣìṣẹ́ yín sọ fún mi pé èlé rẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦560,000. Mo fẹ́ máa san ₦20,000 ní gbogbo ọjọ́ Ajé, fún ọ̀sẹ̀ 28, láti 9 Oṣù Kejì títí di 17 Oṣù Kẹjọ. Mo yan ọjọ́ Ajé nítorí pé ọjà Sátidé ló máa ń tà jù, kí owó má baà pẹ́ lọ́wọ́ mi débi tí ọmọ á fi ní òun fẹ́ ra ìwé. ₦50,000 tí ó bá kù ní ọ̀sẹ̀ méjì ni màá fi bọ́ ilé.

Bí ọ̀nà Ṣakí bá bàjẹ́ tí ọjà sì pẹ́ kó tó dé, ẹ yọ owó ọ̀sẹ̀ yẹn nínú ₦85,000 tí mo ní nínú àkáǹtì mi. Mo fọwọ́ sí i pé kí ẹ má jẹ́ kí n fọwọ́ kan owó náà títí màá fi san gbèsè tán.

Ìyálọ́jà ẹlẹ́lùbọ́ àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí ó jẹ́ olùkọ́, ti gbà láti ṣe onídùúró mi. Káàdì ìdánimọ̀ wọn àti tèmi, pẹ̀lú rìsíìtì owó ìsọ̀ mi, wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ lè rán òṣìṣẹ́ yín wá wo ìsọ̀ mi lọ́jọ́kọ́jọ́, láti aago mẹ́jọ àárọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí èsì dé kí oṣù yìí tó parí, nítorí àwọn tó ń ta gbodo kì í dúró de ẹni tí kò mówó lọ́wọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àbẹ̀kẹ́ Adéoyè