Bẹ́ ẹ ṣe ní ẹ ò ní san kílémù wa kò tẹ́ wa lọ́rùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un yẹ̀ wò

Abẹ́òkúta
17 Oṣù Kẹta, 2025

Sí ọ̀gá ẹ̀ka tó ń tún kílémù yẹ̀ wò ní iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì ìlera,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ọkọ ẹni tó ni káàdì 0047-3312. Tíṣà nìyàwó mi, ilé ìwé tó ti ń ṣiṣẹ́ ló forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, oṣooṣù ni wọ́n sì ń yọ owó yín lára owó oṣù ẹ̀. Lẹ́tà yín ti 6 Oṣù Kẹta tẹ̀ wá lọ́wọ́, ẹ ní ẹ ò ní san ₦1,285,000 tá a san ní ọsibítù, pé iṣẹ́ abẹ tá a fúnra wa yàn ni, àti pé ọsibítù ò gba kóòdù àṣẹ lọ́dọ̀ yín kí wọ́n tó ṣe é. Kò tẹ́ wa lọ́rùn rárá.

Mo rò pé mo mọ ibi tọ́rọ̀ ti dojú rú. Iṣẹ́ abẹ la fi bí ọmọ wa àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ti kọ 13 Oṣù Kẹta sínú káàdì oyún ẹ̀ pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ṣe ti èkejì, nígbà tóyún bá pé ọ̀sẹ̀ 39. Ó jọ pé ẹni tó yẹ kílémù wò rí ọjọ́ yẹn, ó wá gbà pé ṣe la kàn fà á síwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé káàdì oyún yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ka fáìlì alẹ́ ọjọ́ Sátidé, 8 Oṣù Kejì, ẹ̀dà ẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Oyún ọ̀sẹ̀ 34 ni. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú pé bíípíì ẹ̀ jẹ́ 178/116, wọ́n dúró ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọ́n tún un wọ̀n, 174/114, bẹ́ẹ̀ 160/110 ti tó kí ọkàn dókítà má balẹ̀ mọ́ lórí aláboyún. Orí ń fọ́ ọ, parasitamọ́ọ̀lù ò ràn án, ojú ẹ̀ ń ṣú, abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dùn ún. Purotéènì inú ìtọ̀ ẹ̀ jẹ́ +++. Pilétílẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, jẹ́ 84,000, ó sì yẹ kó tó 150,000 ó kéré tán, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀dọ̀ náà ti lọ sókè ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún tó ti le gan-an nìyẹn, ó sì ti ń ba ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Wọ́n fún un ní labẹ́tálọ́ọ̀lù, wọ́n gún un ní magnísíọ̀mù sọ́ọ́fẹ́ètì kí gìrì má bàa mú un. Dókítà kì í ṣàdédé gún aláboyún tára ẹ̀ dá ní magnísíọ̀mù. Àmọ́ abẹ́rẹ́ yìí kì í wo àìsàn náà, gìrì ló ń dènà, ohun kan ṣoṣo tó lè mú un kúrò ni kí wọ́n gbé ọmọ àti ibi jáde, tó bá sì ti le báyìí tóyún ti pé ọ̀sẹ̀ 34, wọn kì í dúró mọ́. Dókítà àgbà kọ ọ́ sí ojú ìwé kẹrin pé ẹnu ilé ọmọ ò tíì ṣí rárá, bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù ti ń lọ sílẹ̀, táwọn bá dúró gìrì tàbí rọpárọsẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú lóru ni wọ́n gbé ọmọ jáde, kílò 1.9, ó sì wọ inkubétọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Tọ́rọ̀ kóòdù, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni ọsibítù pè yín, ẹni tó gbé fóònù ní kí wọ́n fi ìmeèlì ránṣẹ́, wọ́n fi ránṣẹ́ lálẹ́ yẹn náà, Mọ́ńdè lẹ tó fèsì. Ẹ̀dà ìmeèlì yẹn wà níbí. Ìwé ètò tẹ́ ẹ fún wa sọ pé tó bá jẹ́ pàjáwìrì, kí wọ́n ti sọ fún yín láàárín wákàtí 48, wọ́n sì sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé e wọ tíátà. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 náà, abala 20, ò fàyè gba ọsibítù láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, torí náà wọn ò lè fi obìnrin yẹn sílẹ̀ kí wọ́n máa retí kóòdù.

Ohun tá a ń béèrè ni kẹ́ ẹ dá gbogbo owó náà padà: ₦780,000 iṣẹ́ abẹ, ₦215,000 oògùn àti wọ́ọ̀dù, ₦290,000 ìtọ́jú ọmọ. Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ilé ìwé la ti yá a, wọ́n sì ti ń béèrè. Mo tún fẹ́ kí dókítà tó mọ̀ nípa oyún ló ka fáìlì yìí, kó má jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ kà á. Tẹ́ ẹ bá ṣì máa kọ̀ ọ́, ẹ kọ orúkọ dókítà náà àti ìdí tó fi gbà pé ìtọ́jú yìí ò pọn dandan sílẹ̀ fún wa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ká lè gbé e lọ síwájú Àjọ Inṣọ́ránsì Ìlera Orílẹ̀-èdè.

Mo so ìwé ìtọ́jú, èsì tẹ́ẹ̀sì, lẹ́tà dókítà àgbà, ìmeèlì àti rìsíìtì mọ́ ọn. Nọ́ńbà fóònù tó wà lórí káàdì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ayọ̀mídé