Ìbéèrè fún ẹni tó fẹ́ ṣe sítọ́ọ̀kípà ní Agbẹ́ni: ìwé àwọn tó máa bi í

Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ máa jókòó ní Ọjọ́bọ̀, inú ìwé iṣẹ́ la ti fa àwọn ìbéèrè yìí yọ. Gbogbo wọn ni kí ẹ bi olúkúlùkù, ní títẹ̀léra bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá bi Táíwò ní ohun tí ẹ kò bi Kẹ́hìndé, ẹ kò lè fi wọ́n wéra mọ́.

Iṣẹ́ náà rèé: kó ka ẹrù tó bá sọ̀ lọ́kọ̀, kó kọ ọ́ sí káàdì, kó jẹ́ kí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé kọ́kọ́ jáde, kó sì darí alábàárù mẹ́ta. Wọ́n tún kọ “ẹni tó ṣeé fọkàn tán” mọ́ ọn. Ta ló máa ní òun kò ṣeé fọkàn tán? Ohun tí olóòótọ́ ń ṣe nídìí ẹrù la wò, ibẹ̀ ni ìbéèrè kìíní ti wá.

1. “Ẹ sọ ìgbà kan tí ẹrù tí ẹ kà kò bá wébíìlì mu. Kí lẹ ṣe kí dírẹ́bà tó lọ?” Bó bá ń sọ pé “a máa ń ṣe báyìí”, ẹ bi í pé, “Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?” Ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ẹ bi í pé: “Wébíìlì ní 480 páálí, ẹ ka 476. Kí lẹ máa ṣe?”
Máàkì 5: ó tún un kà lójú dírẹ́bà, ó kọ àìtó náà sórí wébíìlì, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Máàkì 3: ó pe ọ̀gá, kò kọ nǹkan kan. Máàkì 1: ó gbà á bẹ́ẹ̀.

2. “Mílíìkì tuntun dé, ti tẹ́lẹ̀ sì kù 60 páálí. Báwo lẹ ṣe máa tò wọ́n?” Ohun tí a kọ́kọ́ kọ ni “Ṣé ẹ mọ̀ pé ti àtijọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde?” Ìdáhùn ti wà nínú ìyẹn, a pa á rẹ́. Ẹ fetí sílẹ̀ bóyá ó máa yẹ ọjọ́ tó wà lára páálí wò: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè jẹ́ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa tètè pé.

3. “Ọkọ̀ dí ojú ọ̀nà, alábàárù méjì sì ń jà. Kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?”

Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní káàdì, ìṣẹ́jú 5, láìsí fóònù: 480 wà nílẹ̀, 135 jáde, 200 wọlé, oníbàárà dá 12 padà. 557 ni ìdáhùn. Ẹni tó bá kọ 533 ti yọ èyí tí wọ́n dá padà dípò kó rò ó mọ́ ọn. Ẹ ní kó ṣàlàyé kí ẹ tó fún un ní máàkì.

Ẹ má bi ẹnikẹ́ni nípa ọkọ, aya, oyún, ẹ̀sìn tàbí ìlú rẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ Sátidé ló ń kọ yín lóminú, ẹ bi gbogbo wọn: “A máa ń ṣí ní aago méje lọ́jọ́ Sátidé, ṣé ẹ máa lè wà níbẹ̀?”

Kí kálukú kọ máàkì tirẹ̀ kó tó gbọ́ ti ẹnìkejì.