Ìdánwò kékeré: iye p àti àlàfo ìdánilójú

Ẹ má ṣírò nǹkan kan. Àlàyé yín ni mo fẹ́.

A fi ajílẹ̀ tuntun sí abala oko àgbàdo 40, a fi ti àtijọ́ sí 40 mìíràn. Ìkórè abala ti tuntun fi kílò 2 ju ti àtijọ́ lọ ní ìpíndọ́gba: p = 0.03, àlàfo ìdánilójú 95% jẹ́ 0.2 sí 3.8.

1. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní: “Ìdá 3 nínú 100 péré ni ó ṣeé ṣe kí ajílẹ̀ méjèèjì rí bákan náà.” Níbo ló ti ṣì í? Kí la ti gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ ká tó ṣírò p? Ibí yìí ni máàkì pọ̀ sí.

2. Bí a bá tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, kí ni 95% ń sọ?

3. Ká ní p = 0.20, ṣé ajílẹ̀ méjèèjì ti dọ́gba nìyẹn?