Àbọ̀ ìbẹ̀wò Ìta Yemoo: fáìlì tí n kò so lọ́jọ́ Ẹtì rèé, ẹ jọ̀wọ́ mà

Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́.

Mo ti rí èsì yín: "Mo rí lẹ́tà, n ò rí iṣẹ́." Òótọ́ lẹ sọ mà. Ímeèlì tí mo fi ránṣẹ́ sí yín lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní iṣẹ́ wà lára òun, kò sì sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Fáìlì náà ti wà lára èyí: `Ita_Yemoo_abo_ibewo.pdf`, ojú ìwé 11, 8 MB. Òun ni mo kọ́kọ́ so kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kankan, mo sì ti ṣí i wò.

Iná ò lọ, dátà ò sì tán. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ìyẹn tó. Fótò ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, fáìlì wá wú kọjá 25 MB tí Gmail ń gbà. Mo yọ ọ́ kúrò lára lẹ́tà, mo fi àwọn fótò tó kéré rọ́pò àwọn ńlá, mo tún un sọ di PDF. Nígbà tí mo padà sídìí lẹ́tà, gbólóhùn tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ pé mo ti so iṣẹ́ mọ́ ọn. Mo kà á, mo gba ara mi gbọ́, mo fi ránṣẹ́. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́ ni, Gmail ì bá bi mí pé fáìlì dà. Yorùbá ni mo kọ, kò sọ nǹkan kan. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ Gmail láti bá mi wo iṣẹ́ ara mi.

Ó ku ohun kan tó yẹ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kí ẹ tó ṣí i. Láàárọ̀ yìí ni mo rí i pé mo ṣi ọdún kọ lójú ìwé 4. Mo ní ọdún 1938 ni wọ́n rí àwọn ère idẹ Ìta Yemoo. Wúnmọníjẹ̀ ló ni 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ. Ti Ìta Yemoo, 1957 ni, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, kí Frank Willett tó wá ṣe ìwalẹ̀ tirẹ̀. Ó ń yún mi lọ́wọ́ láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n n kò tún un ṣe. Tí mo bá yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà lẹ́yìn tí àkókò ti kọjá, kí ni n óò wá sọ pé mo parí lọ́jọ́ Ẹtì?

Mo mọ̀ pé ọjọ́ tó wà lára PDF kì í ṣe ẹ̀rí, torí ẹni tó bá fẹ́ lè yí i. Google Docs ni mo ti kọ iṣẹ́ náà, `Version history` ibẹ̀ sì ń fi aago gbogbo àtúnṣe hàn. Mo ti fún ímeèlì yín láyè `Editor`, nítorí ẹni tó ní àyè kíkà nìkan kì í rí i.

Fótò ojú ìwé 7, níbi tí àwọn èéfọ́ ìkòkò ti wà lóòró ní ìlà-ìlà lórí ilẹ̀, ti ṣe bàìbàì díẹ̀ nígbà tí mo dín in kù. Ẹ wo èyí tí mo fi pẹ́ńsù yà sójú ìwé 8. Níbẹ̀ ni ẹ ti máa rí bí ìlà kan ṣe dorí kọ òsì tí èyí tó tẹ̀ lé e dorí kọ ọ̀tún. Nítorí ìtò yẹn gan-an ni mi ò ṣe kọ́kọ́ fẹ́ dín fótò kankan kù.

Ẹ ti sọ ọ́ ní kíláàsì pé iṣẹ́ tó bá pẹ́ á pàdánù máàkì. Bí ẹ bá ka tèmi mọ́ èyí tó pẹ́, n kò ní jiyàn, n kò sì ní rán ẹnikẹ́ni wá bá mi bẹ̀ yín. Bí ẹ bá sì gbà á bí èyí tó dé lásìkò, mo dúpẹ́ púpọ̀ mà.

Mo ti lọ tẹ ẹ̀dà kan jáde ní Lágere. N óò fi í lé akọ̀wé ẹ̀ka lọ́wọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n, bóyá fáìlì yìí náà lè ṣòro láti ṣí lórí fóònù yín.

Ẹ ṣeun mà.

Akẹ́kọ̀ọ́ yín,
Àdùnní, ọdún kẹta