Àwòrán orúwo: ìtọ́ni fún ayàwòrán

Orúwo, Morinda lucida, la fẹ́ kí ẹ yà sórí pépà A3 ní òró, fún ògiri kíláàsì kan ní Òmù-Àrán. Tádàwà dúdú ni kí ẹ fi fa ìlà, kí ẹ tó fi ọ̀dà olómi kùn ún. Funfun gbòò ni ẹ̀yìn rẹ̀. A ò fẹ́ ilẹ̀, a ò fẹ́ ìkòkò àgbo.

Ẹ gé ẹ̀ka tútù tó ní òdòdó àti èso. Ìdì ewé ti ẹlẹ́wẹ́ọmọ kò tó, torí oríkèé ni iṣẹ́ yìí wà, ewé inú ìdì sì ti rọ.

Ewé: ó ń yọ ní méjì-méjì, wọ́n dojú kọra wọn. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6 sí 18, ṣóńṣó rẹ̀ mú, etí rẹ̀ dán láìní eyín. Ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ máa kọ mànà, àmọ́ ẹ yí ewé kan dà kí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn. Níbi tí iṣan ẹ̀gbẹ́ ti pàdé iṣan àárín, ẹ fi irun ṣókí-ṣókí sí i. Láàárín ìdí ewé méjèèjì, ní orí ẹ̀ka tó ṣì kéré, awẹ́ pelebe onígun mẹ́ta wà. Ó tètè máa ń já, nítorí náà ẹ má fi í sí oríkèé tó ti gbó.

Òdòdó ni wọ́n máa ń yà ṣì jù. Wọ́n á ya ewé méjì, wọ́n á wá ki òdòdó bọ abíyá ewé bí ẹni ń ya ọsàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oríkèé tó bá yọ òdòdó, ewé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé òdòdó, mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, ló gba ipò ewé kejì. Níbi tí wọ́n ti so pọ̀, ohun kékeré kan tó dà bí ife wà: ẹ yà á. Orí igi kọ̀ọ̀kan jẹ́ òdòdó funfun tó ṣù jọ. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo wọn là lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ìrudi sáàárín wọn. Ní igun òkè, ẹ ya òdòdó kan ní ìlọ́po 5, ẹ la ọ̀pá rẹ̀ ní òró, kí apá márùn-ún rẹ̀ ṣeé kà.

Èso: roboto, àwọ̀ ewéko ni kó tó pọ́n, dúdú tó bá pọ́n. Ojú àpá òdòdó gbọ́dọ̀ hàn lára rẹ̀.

Gbòǹgbò: ẹ ya ègé kan ní ìsàlẹ̀, kí ẹ bó èèpo ìdajì rẹ̀. Inú ló yẹ kó pọ́n bí àtalẹ̀ pupa. Èèpo òde kò gbọdọ̀ gba àwọ̀ yẹn.

Ẹ fa ìlà òṣùwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 sábẹ́ ẹ̀ka. Tí wọ́n bá fọ́tòkọ́pì rẹ̀ kéré, ìlà náà á kéré pẹ̀lú rẹ̀. Àmọ́ «Ìwọ̀n gidi» tí ẹ bá kọ sílẹ̀ á di irọ́.