Ètò Iṣẹ́ Àtúnṣe: Dídín Ìṣubú Aláìsàn Kù ní Wọ́ọ̀dù Àgbàlagbà, Òṣogbo

Ìṣòro: Láàárín oṣù mẹ́ta, aláìsàn ṣubú nígbà 9 nínú 1,800 ọjọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí aláìsàn kan lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ kan jẹ́ ọ̀kan; ìyẹn 5 nínú 1,000. Mẹ́fà ṣẹlẹ̀ lóru, lójú ọ̀nà ilé ìtọ̀: iná ti lọ, ilẹ̀ tutù, ẹbí sì tẹ́ ẹní sí ojú ọ̀nà.

Àfojúsùn: Kí ó tó oṣù mẹ́fà, kí iye náà má ju 3 nínú 1,000 lọ.

Ohun tí a ó yí padà: Nọ́ọ̀sì alẹ́ yóò yípo ní aago 10, 1 àti 4. Yóò bi aláìsàn bóyá ó fẹ́ tọ̀, yóò sún omi àti bàtà mọ́ ọn, yóò rẹ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, yóò ti táyà rẹ̀ pa. Iná sólà kékeré kan yóò wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ìfúnpá tàbí oògùn oorun, a ó wọn ìfúnpá rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró. Bí nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá náà bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tó dìde, dókítà gbọ́dọ̀ tún oògùn náà wò. A kò ní fi irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì há ẹni tí orí rẹ̀ dàrú mọ́: ó lè gùn ún kọjá, kí ó sì ṣubú láti òkè.

Ìdánwò: Nọ́ọ̀sì kan, bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin, alẹ́ kan. Lẹ́yìn àtúnṣe, gbogbo bẹ́ẹ̀dì 24.

Ìwọ̀n ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀:

```
(ìṣubú ÷ ọjọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì) × 1000
```

A ó ka ìyípo tí a ṣe, àti iye aláìsàn tí a so mọ́ bẹ́ẹ̀dì, kí dídín ìṣubú kù má baà di síso aláìsàn mọ́lẹ̀. Iye ìṣubú lè kọ́kọ́ lọ sókè, nítorí a ó máa kọ èyí tí a ti ń fi pamọ́ sílẹ̀. A kò ní bá ẹni tó kọ ọ́ wí rárá.